Ẹsẹ̀ Awakọ̀, Àpò Olówó Ọkọ̀ àti Èéfín Ibùdókọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ ọ́ di mímọ̀ ní Àbújá, ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún un gan-an, pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà kan tí owó rẹ̀ kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí a ń fi 617 náírà rà kí oṣù Keje ọdún náà tó lọ, tí ó sì tún ń lé 1,000 náírà bọ̀ nígbà tí ọdún 2024 ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sí ìparí, kò sí gáréèjì, kò sí ọjà, kò sí ojúde tí ènìyàn lè jókòó sí ní ilẹ̀ wa tí kò ní gbọ́ ìráhùn lórí ọ̀rọ̀ epo. Ìwé ìròyìn yìí náà ti ráhùn títí, a ó sì tún ráhùn lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa ti òní kò kan ìjọba, kò kan àwọn tí ń fọ epo, kò sì kan àwọn tí ń tà á. Ẹsẹ̀ ọ̀tún awakọ̀ ni a fẹ́ bá wí, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí ń gbé owó epo lọ, òun nìkan ṣoṣo ni ó wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, tí kò gba ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni kí a tó yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà kan tí gbogbo ará Èkó Àkéte mọ̀ bí ẹni mowó, èyíinì ni ọ̀nà Ìkòròdú. Danfó kan gbéra ní Maili 12, ó ń lọ sí Jíbówù. Yóò dúró ní Kétu, yóò dúró ní Ọjọ́ta, yóò dúró ní Mẹ́rílàǹdì, ní Áńtónì, ní Ọbáníkòró, ní Páàmù Gúróòfù, ní Onípánu àti ní Fádéyí, kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí kọ̀ǹdọ́ bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ báyìí pé ó yá, dírẹ́bà a rọ́ ẹsẹ̀ lé irin epo débi tí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì a bú bí ẹkùn, orí àwọn èrò a ṣẹ́ sẹ́yìn bí ẹni pé wọ́n fà á, ọkọ̀ a sì ti wọ eré 60 kìlómítà ní wákàtí kí ojú tó ṣẹ́. Kò sì ní pẹ́ rárá tí yóò fi rí iná pupa lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ tí ó wà níwájú, tí yóò sì tẹ bíréèkì tagbára-tagbára, tí àwọn èrò tí orí wọn ṣẹ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan yóò wá dojú bolẹ̀. Gbogbo wa ni a ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, a sì ti bú dírẹ́bà, ṣùgbọ́n èébú wa kì í kọjá ọ̀rọ̀ ọrùn àti ẹ̀yìn tí ń dunni. Ohun tí a kì í bi ara wa ni ibi tí epo tí ó fi gba eré yẹn lọ.

Agbára tí ó ń bẹ nínú ohun tí ń sáré kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà a di ìlọ́po mẹ́rin; bí eré bá fi ìdajì lé sí i, láti 40 sí 60, agbára náà a lé ní ìlọ́po méjì ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nínú epo ni agbára yìí ti ń wá, ẹ́ńjìnnì kò sì mọ epo lò tó bí a ti rò: nínú gbogbo ooru tí ó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ni ó ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ń rìn ní ìgboro, tí ìyókù sì ń gba inú rẹdíétọ̀ àti pàípù èéfín sá lọ. Bí a bá wá fi danfó tí ó kún fọ́fọ́, ọkọ̀ àti èrò, sí 2,400 kílò, ìṣirò fi hàn pé láti ìdúró títí dé eré 40, yóò mu nǹkan bí mìlílítà 23, ṣùgbọ́n láti ìdúró títí dé eré 60, yóò mu nǹkan bí mìlílítà 52. Bí dírẹ́bà bá sì tẹ bíréèkì, gbogbo ohun tí ó rà wọ̀nyẹn ni ó di ooru lára irin bíréèkì, tí atẹ́gùn sì gbé lọ. Ó dà bí ẹni tí ó pọnmi ní odò jíjìn, tí ó kún ìkòkò rẹ̀ dẹ́nu, tí ó wá dà á nù lẹ́nu ọ̀nà ilé. Òórùn gbígbóná tí èrò máa ń gbọ́ lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí dírẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì léraléra, owó epo gan-an ni ó ń jó.

Ẹ jẹ́ kí a wá parí ìṣirò náà. Ìdúró mẹ́sàn-án ni ó wà láti Maili 12 dé Jíbówù, pẹ̀lú ìdúró ìkẹyìn. Bí dírẹ́bà wa bá jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sórí 40 dípò 60 láàárín ibùdókọ̀ kan àti èkejì, mìlílítà 29 ni ó dá sí ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àlọ nìkan, ó tó mìlílítà 261. Ní àlọ àti àbọ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdajì lítà. Bí ó bá lọ tí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, ó ti dá lítà mẹ́ta sí, ó sì lé díẹ̀. Bí a bá ka lítà kan sí 1,000 náírà kí ìṣirò má baà di wa lójú, nǹkan bí 3,000 náírà nìyẹn lójúmọ́, àti nǹkan bí 80,000 náírà ní ọjọ́ iṣẹ́ 26. A kò tíì ka bíréèkì páàdì tí ó ń yára jẹ, a kò ka kílọ́ọ̀ṣì tí ń jó, a kò sì ka táyà tí ń há sórí ọ̀dà. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò wa, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó mọ ọ̀nà Ìkòròdú mọ̀ pé ìdúró rẹ̀ kì í ṣe mẹ́sàn-án.

A mọ ohun tí dírẹ́bà yóò fi dá wa lóhùn, ìdáhùn náà kò sì jẹ́ ti òmùgọ̀. Yóò ní òun ní délífárì láti san fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, òun sì ní owó gáréèjì láti san, pé iye ìgbà tí òun bá lọ tí òun bá bọ̀ ni oúnjẹ òun, àti pé ẹni tí ó bá ń fà ní eré 40, èrò rẹ̀ ni ọkọ̀ ẹ̀yìn yóò kó. Òótọ́ ni, eré 40 gùn ju eré 60 lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wo ni ó fi gùn jù ú? Láti Maili 12 dé Jíbówù tó nǹkan bí kìlómítà 12. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ ṣófo pátápátá bí ti ọjọ́ ìbò, ìyàtọ̀ náà kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Bí ọ̀nà bá sì kún, bí ó ti máa ń kún, ìyàtọ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, nítorí ẹni tí ó fi eré 60 dé ìdí ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan, ibẹ̀ ni yóò wà títí ẹni tí ń fi eré 40 bọ̀ yóò fi dé bá a. Níhìn-ín ni a ti gbà pé kì í ṣe gbogbo ibi ni ó yẹ kí awakọ̀ máa fà. Bí ọ̀nà bá là gbọnrangandan níwájú rẹ̀, kí ó lo eré tí òfin fún un. Ibi tí a ti ń ṣòfò ni ibi tí ojú ti rí i pé iwájú dí, tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ epo síbẹ̀síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn tí ń wa ọkọ̀ ara wọn, ló rò pé wíwa ọkọ̀ pẹ̀lú sùúrù ni pé kí a máa fi orí ìka ẹsẹ̀ kan irin epo bí ẹni tí ń bẹ̀rù rẹ̀, kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ bí ìgbín. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá dé eré 40 nípa ìrọ̀rùn àti èyí tí ó bá dé e nípa ìfipá, ìwọ̀n agbára kan náà ni wọ́n gbà. Ohun tí ó yà wọ́n ni bí ẹ́ńjìnnì ti ṣe mú agbára náà jáde. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kì í fẹ́ràn kí a fi í pariwo ní jíà kìíní tàbí ìkejì, nítorí bí ó bá ti ń yí yára tó, bẹ́ẹ̀ ni epo tí ó ń sun láti yí ara rẹ̀ lásán ṣe ń pọ̀ tó. Kò sì fẹ́ràn kí a tẹ epo fíntínfíntín, nítorí nígbà náà ọ̀nà atẹ́gùn a há, ẹ́ńjìnnì a sì máa fi agbára fa atẹ́gùn bí ẹni tí imú rẹ̀ dí. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó ń fẹ́: kí a tẹ irin epo dé nǹkan bí ìdajì, kí a má tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, kí a sì tètè pààrọ̀ jíà, nígbà tí agogo tí ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì bá wà láàárín 2,000 àti 2,500. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí já sí pé kí jíà kejì wọlé ní nǹkan bí eré 20, kí ìkẹta wọlé ní nǹkan bí 35, kí ìkẹrin sì wọlé bí ó bá ti ń kan 50. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní agogo yìí, tàbí tí agogo rẹ̀ ti kú, kí ó fi etí mọ̀ ọ́n: bí ó bá ń hu, jíà ti pẹ́ jù, bí ó bá ń gbọ̀n tí ó sì ń dún bí ẹni pé òkúta wà nínú rẹ̀, jíà ti yá jù, kí ó tètè dá a padà. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, bí púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ ìgboro ti rí, kí ó tẹ epo níwọ̀nba, kí ó wá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra dáadáa, yóò rí i pé jíà yóò yára gòkè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn, ṣùgbọ́n gígùn náà ni ó ń gùn ún, kò jókòó sí ìdí rẹ̀.

Àṣà kan tún wà tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, tí a fẹ́ kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé orí òkè, wọn a ju jíà sí fíríì, ọkọ̀ a sì máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n gbà pé epo ni wọ́n ń tọ́jú. Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo kábúrétọ̀, kò sí ohun ńlá tí ẹnikẹ́ni rí jèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ òde òní tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, òdìkejì gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo pátápátá, bíréènì bọ́ọ̀sì a sé epo pa, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì, kò sì ní mu ẹ̀kán kan títí ìyípo yóò fi lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 1,200 tàbí 1,500. Bí ó bá sì wà ní fíríì, epo gbọdọ̀ máa wọlé kí iná ẹ́ńjìnnì má baà kú. Ẹni tí ó wà ní fíríì ń sanwó fún ohun tí ẹni tí ó wà nínú jíà ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ewu sì tún wà lórí rẹ̀, nítorí bíréèkì nìkan ni yóò dá ọkọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ń wo ọ̀nà jìnnà fi ń jèrè ju ẹni tí ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ: bí ó bá ti rí iná pupa lókèèrè, ó gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ a fi eré tí ó ti rà sílẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Àwọn awakọ̀ yóò ní bí àwọn bá fi àyè sílẹ̀ níwájú ní Èkó, ẹlòmíràn yóò kó wọ̀ ọ́. Yóò kó wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ìwọ̀n gígùn ọkọ̀ kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni, kì í ṣe epo.

Àpò nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán láìṣẹ́kù, ìwọ̀n rẹ̀ kan ń fẹ́ ìwọ̀n atẹ́gùn 14.7. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ epo dé ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì a rò pé ewu ni awakọ̀ ń sá fún, a sì da epo sí i ju èyí tí atẹ́gùn lè sun lọ. Nínú ọkọ̀ kábúrétọ̀, fáńpù kékeré kan tilẹ̀ wà tí ń tu epo tútù sínú ọ̀fun ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tí a bá gún irin epo lójijì, yálà ọkọ̀ lò ó tàbí kò lò ó. Epo tí kò rí atẹ́gùn tó kò lè jó tán. Apá kan a di kábọ́ọ̀nù mónókísáìdì, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí í máa gba àyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Apá kan a di èédú wẹ́wẹ́. Apá kan a sì jáde bí ó ti wọlé, òun ni òórùn bẹntiróòlù tí ń gún ni nímú lẹ́yìn àwọn danfó. Agolo kàtálísì tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ fi sí ìdí pàípù èéfín láti fọ ìdọ̀tí wọ̀nyí kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa nígbà tí epo bá pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni kò ní in mọ́ rárá, nítorí ohun iyebíye bíi pílátínọ́ọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀ ti mú kí wọ́n yọ ọ́ tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù lọ nìyí: ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra ni èéfín rẹ̀ ti ń burú jù, ibi tí ọkọ̀ sì ti ń gbéra ni ibi tí ènìyàn ti ń pọ̀ jù. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé èéfín lọ sínú igbó. Ní Ọjọ́ta, abẹ́ imú ìyá tí ń ta àgbàdo sísun ni ó ń lọ, abẹ́ imú ọmọdé tí ń kiri omi inú ọ̀rá, abẹ́ imú kọ̀ǹdọ́ tí ó rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, àti ti ọmọ iléèwé tí ń dúró de ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ bá pàípù èéfín dọ́gba gẹ́lẹ́. Dírẹ́bà tí ó bá gbéra jẹ́jẹ́ ní ibùdókọ̀, kí ó tilẹ̀ sáré ní gbogbo ibi yòókù, ti ṣe àwọn wọ̀nyí lóore. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, rírú ni í rú. A kò mọ̀ bóyá wọ́n rí ọ̀nà Ìkòròdú kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni ó ń jẹ owó òun? Kí ó kún táńkì rẹ̀ títí ẹnu fáńpù yóò fi já fúnra rẹ̀, kí ó kọ iye kìlómítà tí ó wà lójú agogo sílẹ̀, kí ó wa ọkọ̀ bí ó ti máa ń wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó padà sí fáńpù kan náà, kí ó tún kún un bákan náà, kí ó sì fi iye lítà tí ó wọlé pín iye kìlómítà tí ó rìn. Ká sọ pé ó rin kìlómítà 336, tí lítà 42 sì wọlé, kìlómítà mẹ́jọ ni lítà kan gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó tẹ epo dé ìdajì, kí ó tètè pààrọ̀ jíà, kí ó gbé ẹsẹ̀ ní kíá bí iwájú bá dí. Bí lítà 35 bá gbé e rin ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà, kìlómítà 9.6 ni lítà kan gbé e. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá, nítorí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ti sọ pé wíwakọ̀ pẹ̀lú ìbínú lè dín bí epo ti ń gbéni jìnnà kù ní ìdá 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró tí ó ń gbéra. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe gbogbo èyí tí owó epo kò sì yẹ̀, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, tí èéfín dúdú sì ń rú bí ó tilẹ̀ ń gbéra jẹ́jẹ́, kí ó lọ bá mẹkáníìkì. Àìsàn wà lára ọkọ̀, sùúrù ẹsẹ̀ kò lè wò ó. Bí èéfín bá sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ó ń jó, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 ní ọ̀ràn tirẹ̀. Níbẹ̀, atẹ́gùn ni ọ̀tá, ìdènà rẹ̀ sì ń pọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára eré ti ń pọ̀: ọkọ̀ tí ó kúrò lórí 80 bọ́ sórí 120 ń dojú kọ atẹ́gùn tí ó fi ìlọ́po méjì àti díẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òfin ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá 100 lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nínú ìrìn kìlómítà 120, ìṣẹ́jú 12 ni ẹni tí ó sá 120 fi ṣáájú ẹni tí ó sá 100, bí ó bá dé.

A wá ń bẹ àwọn tí ó ni danfó. Ẹ̀yin ni ẹ ń ra bíréèkì páàdì, ẹ̀yin ni ẹ ń tún kílọ́ọ̀ṣì ṣe, bí dírẹ́bà yín bá sì sọ pé epo ti jẹ owó délífárì, ẹ̀yin náà ni ẹ ń fara mọ́ ọn. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ jọ wọn epo ọ̀sẹ̀ méjì bí a ti ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mú ìdajì ohun tí ó bá dá sí. A ń bẹ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí kún ohun tí wọ́n ń sọ ní ìpàdé gáréèjì. A sì ń bẹ Iléeṣẹ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Awakọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí wọ́n má fi àmì ojú ọ̀nà nìkan kọ́ àwọn tí ó bá wá sọ́dọ̀ wọn. Kí wọ́n mú wọn jáde sí ọ̀nà Ìkòròdú nínú danfó gidi tí ó kún fún èrò, kí wọ́n sì fi bí a ti ń gbéra kúrò ní ibùdókọ̀ kọ́ wọn.